Iye Tó Délé: Ìṣirò Owó Oṣù Lẹ́yìn Tí Owó Orí Bá Ti Kúrò Lára Rẹ̀

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó orí kì í dùn létí níbí ní Avrankou, lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀. N kò wá yìn ín, n kò sì wá bú u. Ìṣirò rẹ̀ ni mo wá ṣe lójú yín, kí olúkúlùkù lè padà sílé, kó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ jáde, kó sì mọ̀ bóyá iye tí wọ́n yọ ni ó yẹ kí wọ́n yọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi àròyé kan bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ń gba 250,000 séfà lóṣù. Ọ̀gá rẹ̀ pè é, ó ní òun fẹ́ fi 20,000 kún un. Òṣìṣẹ́ yìí dúpẹ́, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀gá má fi kún un. Kí ló dé? Ó ní bí owó òun bá kọjá 250,000 báyìí, ìdá 19 nínú 100 ni ìjọba yóò máa yọ, èyí tí òun ń mú relé yóò sì kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo. Àwọn tó kàwé dáadáa ń sọ ọ́, àwọn tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ náà ń sọ ọ́. Ohun tó ń jẹ́ kó máa wọ àwọn ènìyàn létí ni pé ìṣirò wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ìṣirò náà ni kò tọ̀nà.

Kí n tó fi ibi tí kò ti tọ̀nà hàn yín, ẹ gbà mí láyè kí n yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà díẹ̀. Nígbà ayé àwọn Faransé, iye kan náà ni wọ́n ń gbà lórí orí kọ̀ọ̀kan ní abúlé kan náà: ẹni tó ní oko ọ̀pẹ tó tẹ́ rẹrẹ àti ẹni tó ń bá a kọ ọ̀pẹ, iye wọn dọ́gba. Ní ọdún 1923, nígbà tí wọ́n tún fi kún owó yìí, ará Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú àyíká rẹ̀ kọ̀ láti san, ọjà dàrú, ìjọba kó ọmọ ogun wọ̀lú, wọ́n sì lé Louis Hunkanrin, ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń fi ìwé ìròyìn bá wọn jà, lọ sí Mọriténíà. Àwọn àgbà kan nínú yín ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn tó bí wọn. Mo mẹ́nu bà á torí pé owó orí tí à ń sọ lónìí yàtọ̀ sí tìgbà náà pátápátá. Kì í ka orí, owó ló ń kà, bí owó sì ṣe ń ga ni ìdá tó ń gbà lórí apá òkè ń ga sí i.

Orúkọ tí wọ́n ń kọ sórí ìwé owó oṣù fún owó orí yìí ni ITS. Òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ló gbé e kalẹ̀ bó ṣe wà yìí, ó sì pín owó oṣù sí ìpele márùn-ún. Ohun àkọ́kọ́ ni pé 60,000 séfà ìsàlẹ̀ kò san nǹkan kan. Láti orí 60,000 dé 150,000, ìdá 10 nínú 100. Láti orí 150,000 dé 250,000, ìdá 15. Láti orí 250,000 dé 500,000, ìdá 19. Ohunkóhun tó bá kọjá 500,000, ìdá 30.

Gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ lónìí ló wà nínú bí a ṣe ka àwọn ìlà wọ̀nyẹn. Ẹ wo ẹni tó ń rọ epo pupa sínú kẹ́ẹ̀gì tó tò sílẹ̀. Bí kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ bá kún, yóò bọ́ sí èkejì, kò ní da ti àkọ́kọ́ nù. Bí agbowó orí bá wá sọ pé òun yóò bu ìdá kan nínú kẹ́ẹ̀gì kẹta, ti kẹta nìkan ló bù. Èkíní àti èkejì wà níbi tí wọ́n wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó oṣù. Ìdá 19 kò mọ nǹkan kan nípa 250,000 tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Owó tó gun orí 250,000 nìkan ló ń bá jà.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe é lórí ènìyàn kan. Ká ní olùkọ́ kan wà ní ilé ìwé aládàáni ní Kouti, tí owó oṣù rẹ̀ lódindi jẹ́ 187,600 séfà. Lódindi ni mo sọ: owó ìpìlẹ̀, owó ìgbéga, owó àfikún iṣẹ́, gbogbo èyí tó ń wọlé fún un nítorí iṣẹ́, kí wọ́n tó yọ kọ́bọ̀ kankan.

Àkọ́kọ́, òfin ní kí a gé ẹyọ tó bá lé lórí ẹgbẹ̀rún dànù kí a tó ka owó orí. Nítorí náà 187,600 di 187,000. Kò sí pé a ń sún un lọ sókè. Ìsàlẹ̀ ni a máa ń sún un sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 187,999 ni. 60,000 àkọ́kọ́ kò san nǹkan kan. Láti ibẹ̀ dé 150,000 jẹ́ 90,000. Ìdá 10 rẹ̀ jẹ́ 9,000. Èyí tó ṣẹ́ kù lókè 150,000 jẹ́ 37,000. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ 5,550. Ẹ ro 9,000 mọ́ 5,550, ẹ ó rí 14,550. Owó orí olùkọ́ wa fún oṣù náà nìyẹn.

Ó ku ti CNSS, ìyẹn àjọ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni. Ìdá 3.6 nínú 100 ni ìpín òṣìṣẹ́, orí owó odindi ni wọ́n sì ń kà á lé, láì gé ẹgbẹ̀rún kankan dànù: 187,600 lọ́nà 3.6 nínú 100 jẹ́ 6,753.60, tí a ó pè ní 6,754. Ẹ wá yọ méjèèjì: 187,600, yọ 14,550, yọ 6,754. Ohun tí olùkọ́ yóò mú relé jẹ́ 166,296 séfà.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀. Olùkọ́ yìí wà nínú ìpele ìdá 15, ṣùgbọ́n owó orí tó san kò tó ìdá 8 nínú gbogbo owó rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ìdá mélòó ló ń san, ìdáhùn méjì ló wà. Ìdá 15 ni tí a bá ń sọ̀rọ̀ séfà tí wọ́n bá tún fi kún owó rẹ̀ lọ́la. Kò tó 8 tí a bá ń sọ̀rọ̀ gbogbo owó tó wà nílẹ̀ lónìí. Àwọn tó ń jiyàn lórí owó orí sábà máa ń mú ìdáhùn kìn-ín-ní láti dáhùn ìbéèrè kejì.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ 20,000 sílẹ̀. Nígbà tó ń gba 250,000, owó orí rẹ̀ jẹ́ 9,000 lórí ìpele kejì àti 15,000 lórí ìkẹta, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24,000. CNSS mú 9,000. Ó mú 217,000 relé. Bí ó bá gba àfikún náà, tí owó di 270,000, 24,000 yẹn kò yí padà rárá. 20,000 tuntun nìkan ni ìdá 19 yóò bá, ìyẹn 3,800. Owó orí di 27,800, CNSS di 9,720, ohun tó mú relé di 232,480. Nínú 20,000 tí ọ̀gá fi kún un, 15,480 délé. Àmọ́ ohun tí òun ṣírò lọ́kàn ni ìdá 19 lórí gbogbo 270,000, tó jẹ́ 51,300. Bí a bá tún yọ CNSS 9,720, 208,980 ni yóò ṣẹ́ kù, èyí tó fi 8,020 kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ̀rù rẹ̀ ní iye, ó sì bára mu dáadáa. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló wọ́.

Wàyí o, ẹ má jẹ́ ká máa pín owó sí kẹ́ẹ̀gì lójoojúmọ́. Ọ̀nà àbùjá kan wà tí àwọn akọ̀wé owó ń lò, tó sì máa ń bá ìṣirò gígùn dọ́gba láì fi séfà kan yàtọ̀. Ẹ fi ìdá ìpele tí owó yín dé lórí gbogbo owó náà, bí ẹni pé àṣìṣe yẹn gan-an lẹ fẹ́ ṣe, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ iye kan pàtó kúrò. Tí G bá jẹ́ owó odindi tí a ti gé ẹyọ lórí rẹ̀:

```
60,000 – 150,000:   ITS = G × 10% − 6,000
150,000 – 250,000:  ITS = G × 15% − 13,500
250,000 – 500,000:  ITS = G × 19% − 23,500
500,000 lọ sókè:    ITS = G × 30% − 78,500
```

Ẹ dán an wò lórí olùkọ́ wa. 187,000 lọ́nà 15 nínú 100 jẹ́ 28,050, yọ 13,500, ó ku 14,550. Ó dọ́gba. Iye tí à ń yọ yìí kì í ṣe àánú ìjọba, kò sì ṣe idán. Òun ni àpapọ̀ ohun tí a fi ka àwọn kẹ́ẹ̀gì ìsàlẹ̀ jù: a ka 60,000 àkọ́kọ́ sí ìdá 15 nígbà tó yẹ kó jẹ́ òfo, ìyẹn 9,000 àjùlọ, a ka 90,000 tó tẹ̀ lé e sí ìdá 15 dípò 10, ìyẹn 4,500 àjùlọ. 9,000 àti 4,500 jẹ́ 13,500.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù, torí pé àwọn iye wọ̀nyẹn tún lè bá wa mú olè, tàbí ká kúkú sọ pé wọ́n lè bá wa mú aláìmọ̀kan. Ẹ ṣírò owó orí yín fúnra yín, kí ẹ fi wé èyí tó wà lórí ìwé owó oṣù. Bí èyí tí wọ́n yọ bá pọ̀ ju tiyín lọ, ẹ wo iye tó fi pọ̀. Bó bá jẹ́ 13,500 géérégé, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣe ìwé náà fi ìdá 15 bo gbogbo owó yín mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ 23,500, ìdá 19 ló fi bò ó. Bó bá jẹ́ 6,000, ìdá 10 ni. Àṣìṣe yìí kì í wáyé níbi tí ẹ̀rọ ayélujára ti ń ṣe ìṣirò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ní ilé iṣẹ́ kékeré, níbi tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti ń kọ ìwé owó ní alẹ́. Ẹ má fi bínú sí i. Ẹ mú ìwé dání, kí ẹ fi iye náà hàn án. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn pẹ̀lú 13,500.

Ìyàtọ̀ mìíràn wà tó ní ojú tirẹ̀. Kí òfin 2022 tó dé, IPTS ni orúkọ owó orí yìí, orí 50,000 ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdá 10 dé 130,000, ìdá 15 dé 280,000. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣì ní ìwé ìṣirò àtijọ́ yẹn nínú kọ̀ǹpútà wọn. Fún olùkọ́ wa, ti àtijọ́ yóò fún un ní 8,000 lórí ìpele kejì àti 8,550 lórí ìkẹta, ìyẹn 16,550. Ó fi 2,000 ju ti òní lọ. Kódà fún ẹnikẹ́ni tó bá wà láàárín 150,000 sí 250,000, 2,000 gan-an ni ìyàtọ̀ náà, kò ní dín, kò ní lé. Bí ẹ bá rí 2,000 yẹn, ẹ béèrè nípa ọjọ́ orí ìwé ìṣirò ọ̀gá yín. Ohun kan tún wà: lábẹ́ IPTS, ẹni tó bá ní ọmọ tó ń bọ́ máa ń rí àdínkù gbà lórí owó orí rẹ̀. ITS kò ní irú rẹ̀ mọ́. Bàbá tó bí márùn-ún àti ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì gbéyàwó, bí owó wọn bá dọ́gba, owó orí wọn dọ́gba. Èmi gẹ́gẹ́ bí ẹnìkan kò fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó mú kí ìṣirò rọrùn, a kò sì lè sẹ́ ìyẹn.

Àṣìṣe kẹta ni èyí tó ń ṣe òṣìṣẹ́ lóore fún ìgbà díẹ̀. Akọ̀wé owó kan lè yọ CNSS kúrò ná, kó tó wá ka owó orí lórí èyí tó ṣẹ́ kù. Ní ti olùkọ́ wa, 187,600 yọ 6,754 jẹ́ 180,846. Gé e sí 180,000. Owó orí di 13,500, ó fi 1,050 kéré. Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: orí owó odindi ni owó orí ti ń bẹ̀rẹ̀, CNSS sì ń ṣe tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wá kò jìnnà sí wa. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wa wà ní Bàdágìrì, ní Ìpókíá, ní Èkó, wọ́n sì ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn kọ́ wa. Lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń yọ owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 8 nínú 100, kúrò kí wọ́n tó ka owó orí. Òfin owó orí tuntun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 sì ń ka owó ọdún kan lápapọ̀, kì í ṣe ti oṣù: 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú ọdún kò san nǹkan kan, 2,200,000 tó tẹ̀ lé e ń san ìdá 15, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé ìdá 25. Ìpele ni tiwọn náà, kẹ́ẹ̀gì náà ni. Àmọ́ ẹni tó bá gbé ìlànà Èkó wá sí Avrankou yóò ṣi ìṣirò láti ìlà kìn-ín-ní. Ọ̀gá tó bá sì ń san kéré sí iye tó yẹ, ọjọ́ tí àwọn agbowó orí bá wá yẹ ìwé rẹ̀ wò, òun ni wọn yóò bi léèrè, nítorí òun ló ń yọ owó náà, òun ló sì gbọ́dọ̀ fi jíṣẹ́ kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá.

Kí n tètè sọ ti oṣù kẹta àti oṣù kẹfà, torí pé ọdọọdún ni wọ́n ń bi mí. Ní oṣù kẹta, wọ́n ń fi 1,000 séfà kún owó orí nítorí rédíò. Ní oṣù kẹfà, 3,000 nítorí tẹlifíṣọ̀n, fún ORTB. Olùkọ́ wa tó ń mú 166,296 relé yóò rí 165,296 ní oṣù kẹta, àti 163,296 ní oṣù kẹfà. Kò sẹ́ni tó jí i.

Ní ti àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kúrú. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí jẹ́ 52,000 séfà. Kò dé 60,000, nítorí náà kò ní owó orí. CNSS nìkan ló kàn án: 1,872. Ó ń mú 50,128 relé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gba iye yìí, tí wọ́n sì kọ owó orí sí ìwé rẹ̀, ẹ má fi ṣe ìṣirò, ẹ kàn béèrè ìdí.

Ó ku ibi kan, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Lọ́dọ̀ wa, nígbà tí wọ́n bá ń gba ènìyàn síṣẹ́, iye àmúrelé ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àdéhùn. Ọ̀gá ní, "Mo máa fún ọ ní 200,000 lọ́wọ́." Ìránṣẹ́ ní, "Ẹ ṣé, sà." Lẹ́yìn oṣù méjì, ọ̀gá kọ 200,000 sí ibi owó odindi lórí ìwé. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: owó orí jẹ́ 200,000 lọ́nà 15 nínú 100 yọ 13,500, ìyẹn 16,500, CNSS jẹ́ 7,200. Ohun tó délé jẹ́ 176,300. Ìránṣẹ́ ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, ọ̀gá ní òun mú ìlérí ṣẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Orí iye méjì ni wọ́n dúró.

Bó bá ṣe pé 200,000 ló gbọ́dọ̀ délé lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká rìn padà sẹ́yìn ká lè mọ owó odindi. Nínú ìpele kẹta, nínú 100 séfà owó odindi, 15 lọ fún owó orí, 3.6 lọ fún CNSS, 81.4 ló ṣẹ́ kù, àti 13,500 tí a dá padà. Nítorí náà ẹ mú 200,000, ẹ yọ 13,500, ó ku 186,500. Ẹ pín in sí 0.814. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 229,115. Ká yẹ̀ ẹ́ wò: a gé e sí 229,000 fún owó orí, ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ 34,350, yọ 13,500, ó ku 20,850. CNSS lórí 229,115 jẹ́ 8,248. Èyí tó délé jẹ́ 200,017. Ẹ ó béèrè pé níbo ni 17 séfà yẹn ti wá. Lára 115 tí a gé dànù ni. A kò gba owó orí lórí rẹ̀, ìdá 15 rẹ̀ sì jẹ́ séfà 17 àti díẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá pín in, ẹ rí i dájú pé ìdáhùn bọ́ sínú ìpele tí ẹ fi ṣírò. Bí ó bá jẹ́ pé 240,000 ni wọ́n ṣèlérí láti fi lé yín lọ́wọ́, tí ẹ sì lo ìpele kẹta, ẹ ó rí nǹkan bí 278,256, èyí tó ti kọjá 250,000, ìdáhùn náà kò wúlò. Ẹ lo ìpele kẹrin: 240,000 yọ 23,500 jẹ́ 216,500, pín in sí 0.774, ẹ ó rí 279,716. Ìyẹn ló tọ̀nà, bí ẹ bá yọ séfà díẹ̀ tí gígé ẹgbẹ̀rún ń fà kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Ọ̀gá náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a fi dù ú. Lórí 229,115 yẹn, òun náà ń san ìpín CNSS tirẹ̀ láti inú àpò rẹ̀, ó kéré tán ìdá 16.4 nínú 100, ìyẹn 37,575 séfà. Ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ bí iṣẹ́ náà bá léwu, nítorí pé owó ìjàm̀bá lẹ́nu iṣẹ́ ń lọ láti ìdá 1 dé 4. Kò gbọ́dọ̀ yọ ìyẹn lára owó òṣìṣẹ́ rárá. Bí ẹ bá rí i nínú àwọn ohun tí wọ́n yọ kúrò lára owó yín, ìwé yẹn kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹni tó fi 200,000 lé yín lọ́wọ́ ti ná 266,690 kí oṣù tó parí, nítorí náà nígbà tó bá ní owó yín wọ́n, kì í ṣe irọ́ ló ń pa.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń tọwọ́ bọ ìwé iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá iye odindi ni tàbí iye àmúrelé. Ìyàtọ̀ náà tún lágbára ní ọjọ́ tí òfin bá yí padà, bó ti yí ní 2022. Ẹni tí wọ́n kọ iye odindi fún, òun ni àǹfààní tàbí àdánù òfin tuntun yóò bá. Ẹni tí wọ́n kọ iye àmúrelé fún, ọ̀gá rẹ̀ ni yóò bá. Ní ti 2,000 tí owó orí fi dín kù fún àwọn tó wà ní ìpele kẹta lọ́jọ́ náà, ilé iṣẹ́ tó kọ iye àmúrelé ló fi í sápò, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.